Ọdún tí mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì ní sààrì

Iṣẹ́ òrùlé ni mo ń ṣe. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n Ibafo ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, igbó ló wà lẹ́yìn títì. Lónìí, bí ènìyàn bá dúró lórí òrùlé kan níbẹ̀, páànù ni yóò máa rí lọ títí dé ibi tí ojú rẹ̀ bá ríran dé. Mo lè tọ́ka sí àwọn tó jẹ́ tèmi nínú wọn, inú mi sì máa ń dùn.

Ẹni tí òkè jẹ́ oko rẹ̀, ara líle ló fi ń jẹun. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta nígbà náà. Ìyàwó mi ni mo sìn lọ sí ibùdó ìlera, òun ni ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Bí a ti ń dúró, nọ́ọ̀sì kan tó ti ń dàgbà, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ní kí èmi náà na apá mi wá.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, Mà," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ẹ sáà na apá yín."

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n sinmi, ó tún wọ̀n ọ́n. Àádọ́sàn-án lórí márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, kò yàtọ̀. Wọ́n ní kí n tún padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi tó wà náà ló wà. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lo oògùn nìyẹn: oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ hóró kékeré funfun, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọ̀kan jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀, òun náà ẹ̀ẹ̀kan, ní òwúrọ̀. Ẹ̀kẹta, òwúrọ̀ àti alẹ́. N kò pa ọ̀kankan jẹ. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni oṣù ààwẹ̀ wọlé.

N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí mo máa ṣe. Kí n sọ òtítọ́: ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọn yóò ní kí n má gbààwẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń gbà á, n kò jẹ ọjọ́ kan rí àfi ọdún kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, èmi ni mo máa ń jí àwọn ará àdúgbò wa fún sààrì. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn géètì láti ojúlé dé ojúlé, mo sì mọ ohùn oníkálukú tó bá dáhùn láti inú yàrá. Báwo ni irú mi ṣe máa wá jẹ ẹ̀bà ní ọ̀sán Ramadan? Mo bá fi ọgbọ́n ara mi tò ó. Mo ní nígbà tó jẹ́ pé n kò ní lè fi ẹnu kan nǹkan kan láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìrọ̀lẹ́, kí n kúkú kó gbogbo rẹ̀ mì ní sààrì. Hóró funfun, èyí tó ń mú ni tọ̀, àti ẹ̀kẹta. Nítorí pé ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, mo mú méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí alẹ́ má baà di ìgbàgbé. Ó jọ mí lójú bí ọgbọ́n. Ìyàwó mi rí mi tí mò ń gbé wọn mì, ó rò pé bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe nìyẹn.

Ìgbà ooru ni. Lọ́dún yẹn, a ń kan òrùlé ilé alájà kan tó fẹ̀ ní Mowe, èmi àti ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, ọdún mélòó kan ni mo fi jù ú lọ. A ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Nínú oṣù ààwẹ̀, kì í jẹun lójú mi. Bí ọ̀sán bá pọ́n, yóò lọ jókòó sí ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn, yóò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì nu ẹnu rẹ̀ kó tó padà. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kò dí mi lọ́wọ́, kò gbọ́.

Láti ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni mo ti rí i pé ara mi kò rí bó ṣe ń rí. Láti bí aago méje àárọ̀ títí di mẹ́wàá, ìtọ̀ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ wá tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ètè mi á ti gbẹ, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ìtọ̀ tó ń dá mi sọ̀ kalẹ̀ yìí bí mi nínú, mo bá dín omi tí mò ń mu ní sààrì kù. Ife kan péré. Mo rò pé mò ń tún nǹkan ṣe ni.

Ọjọ́ kẹfà ni. A ti ń sún mọ́ orí òrùlé, mo sì lóṣòó sórí igi, mò ń kan ìṣó. Oòrùn wà ní àtàrí. Mo kan ìṣó tán, mo dìde dúró láti bọ́ sórí igi kejì.

Ayé ṣókùnkùn. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú mi là, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan, etí mi sì ń hó bí omi tó wà lórí iná. Ẹsẹ̀ mi kò sí lábẹ́ mi mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé mo jẹ́ kí òòlù bọ́, mo sì jókòó gbì sórí igi, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a bí ẹni gun ẹṣin, mo sì gbá a mọ́ra. Mo gbọ́ ìgbà tí òòlù balẹ̀. Ó pẹ́ kó tó balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má mira! Ẹ má mira o!"

Ó ti wà lẹ́yìn mi kí n tó mọ̀. Ó fi okùn tí a fi ń fa igi sókè yí àyà mi ká, ó so ó mọ́ igi, ó sì jókòó tì mí títí ojú mi fi padà. Lẹ́yìn náà ló ń sọ̀ mí kalẹ̀ lórí àkàbà díẹ̀díẹ̀, òun nísàlẹ̀, èmi lókè, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi lé ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ilẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Òógùn tútù bò mí. Ó gbé omi wá.

"Ẹ mu ún."

"Kò pẹ́ mọ́. Aago kan ti lù."

"Aago kan ti lù, méje lẹ ó ṣínu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú yín!"

"Mo ní n kò mu."

Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé mi sí àárín, òun náà jókòó sẹ́yìn, ó sì dì mí mú bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ibùdó ìlera.

Nọ́ọ̀sì àgbà náà ló wà níbẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi lórí ìdùbúlẹ̀: méjìléláàádọ́rùn-ún lórí ọgọ́ta. Ó ní kí n dìde dúró díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó tún wálẹ̀ sí i, ó sì tètè dá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pe dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n yẹ ìka mi wò fún ṣúgà, wọ́n fetí sí àyà mi. Dókítà ní omi ara mi ti lọ, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti wálẹ̀ jù. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà wá, ó dúró tì mí.

Bí mo ṣe gbé ife náà sẹ́nu, omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin tó ti ń jí odidi àdúgbò fún sààrì.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ kó tó di alaasari. Dókítà wá jókòó, ó ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń lo oògùn yín nínú ààwẹ̀ yìí?"

Mo wo ẹnì kejì mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo nọ́ọ̀sì.

"Bí ẹ ṣe ní kí n lò ó ni," ni mo wí.

Irọ́ ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ojú ló tì mí láti sọ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dá ọgbọ́n kan tó fẹ́ gbé mi ṣubú láti orí òrùlé. Dókítà wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n má lo oògùn kankan títí di ọjọ́ kejì, kí n má gbààwẹ̀ lọ́la, kí n sì kó gbogbo oògùn náà wá fún òun lówùúrọ̀.

N kò lọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo dájọ́ fún oògùn. Mo ní oògùn ló fẹ́ pa mí. Mo padà sínú ààwẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, n kò sì fi ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ara mi yá! Ìtọ̀ kò gbọ̀n mí mọ́, orí òrùlé kò yí mọ́. Mò ń rìn lórí igi bí ọmọ ogún ọdún. Mo sọ fún ẹnì kejì mi pé, "Ṣé o rí i? Ààwẹ̀ gan-an ni oògùn." Ó kàn ń so okùn mọ́ mi nídìí láràárọ̀ kí n tó gùn ún, bí ẹni ń so ewúrẹ́.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kì í mọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó mi ló rí i. Ó fẹ́ gbá orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé páálí oògùn náà, ó rí i pé ó wúwo jù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, mo sì jókòó sórí àga nítorí pé orí ń fọ́ mi láti àárọ̀, ní ìpàkọ́ lọ́hùn-ún. Mo ti ka èyí sí ebi. Ó dúró níwájú mi, ó kó páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání.

"Ọkọ mi, hóró oògùn yìí kò dín láti ọjọ́ wo?"

"Fi wọ́n síbẹ̀."

"Mo bi yín ni."

"Láti ọjọ́ tó fẹ́ pa mí."

Ó kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ìkíni. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "Bàbá mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò dìde bá a. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà fún ọdún mẹ́rin. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí n tún ṣe é."

Ogún ọdún ó lé la ti ń gbé pọ̀. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ rọ lápá kó tó kú, kí èmi àti òun tó pàdé. N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, n kò sì mọ̀ pé òun ló ń bọ́ ọ. Kò sọ ọ́ rí. Mo dìde, mo wọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, igba ó dín mẹ́wàá lórí márùndínlọ́gọ́fà. Dókítà náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló ṣe é. Ó ní kí n fún òun lọ́wọ́ méjèèjì, kí n fún un pinpin. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín kí òun rí eyín mi. Ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá àyà ń dùn mí, bóyá mò ń rí nǹkan méjì-méjì. Kò sí. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n jókòó títí òun yóò fi tún un wọ̀n. Nígbà náà ló gbé àga sún mọ́ mi.

"Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún mi báyìí. N kò ní bá yín jà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Sààrì, hóró mẹ́rin pọ̀, ife omi kan, irọ́ tí mo pa. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ nígbà tí mo dé ibi pé mo mú oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Èyí tó ń mú yín tọ̀ yìí, omi ara ló ń fà jáde. Bí ẹ bá mu ún ní sààrì, àárọ̀ ni yóò fa omi náà jáde, ẹ ò sì ní lè dá a padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá gun òrùlé nínú oòrùn. Ẹ tún lo oògùn kejì ní ìlọ́po méjì. Oògùn kọ́ ló fẹ́ pa yín, Bàbá. Àkókò rẹ̀ ló fẹ́ pa yín. Ìgbà tí ẹ sì pa á tì pátápátá, ẹ̀jẹ̀ padà sí ibi tó wà."

"Nítorí náà n kò ní gbààwẹ̀ mọ́?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ò ní gbà á ní báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú un wálẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ ó tún padà wá, a ó jọ wò ó."

Inú bí mi. N kò fi hàn án, ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù wa lọ́jọ́ kejì. Àgbàlagbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí dókítà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

"Káfíńtà, ta ló sọ fún aláìsàn pé kó ka ọjọ́ mìíràn dípò?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"Ṣé Ó gbàgbé tìrẹ ni? Dókítà ní kí o sinmi, o ní ojú ń tì ọ́. Lójú ta? Lójú Ẹni tó dá ọ, àbí lójú àwọn tí ò ń kan ilẹ̀kùn fún?"

Ó tún ní bí ara mi bá padà bọ̀ sípò, kí n san àwọn ọjọ́ náà. Bí dókítà bá sọ pé kò ní padà mọ́ láé, oúnjẹ fún aláìní wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ẹnì kan kó wá máa jí àwọn ènìyàn fún sààrì dípò mi, ó ní kí èmi sùn.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jẹun lọ́sàn-án. Inú yàrá ni mo ti ń jẹ ẹ́, mo sì ti fèrèsé. Ìyàwó mi, tó ń gbààwẹ̀ tirẹ̀, ló ń se é. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí fèrèsé náà. Ó kàn ṣí i ni, ó sì lọ.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ sí ogóje lórí ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́wàá. Ó tún oògùn náà tò. Ó yọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì kúrò, ó fi òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ láti òní di ọ̀la rọ́pò rẹ̀, kí ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dín ìwọ̀n èyí tó ń mú ni tọ̀ kù, ó ní gbàrà tí mo bá ṣínu ni kí n lò ó, kí ìtọ̀ náà lè dá kí n tó sùn, kí n sì lè máa mu omi dí i. Àwọn tó kù náà, nígbà ìṣínu kan náà, lójoojúmọ́. Bí mo bá gbàgbé, kí n má ṣe fi méjì san án lọ́jọ́ kejì. Omi, kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì, kì í ṣe kí n da gbogbo rẹ̀ sí ikùn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí ìyàwó mi dín iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn kù nínú ọbẹ̀ ìṣínu, kí a sì fi ẹran yíyan aláta sílẹ̀.

Ó wá fi ìka kan orí tábìlì. "Bí ojú yín bá tún ṣú, bí orí bá yí, ẹ ṣínu. Lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wo aago. Bí nọ́ńbà ti òkè bá lọ sí ọgọ́sàn-án, tàbí tó wálẹ̀ sí àádọ́rùn-ún, ẹ ṣínu, kí ẹ sì wá. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí apá kan bá wúwo, ẹ má wá síbí, ọsibítù ńlá ni kí wọ́n gbé yín lọ."

Ọmọ mi àgbà, tó ń gbé ní Akute, ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó mi ló ń wọ̀n ọ́n, láàárọ̀ àti kí n tó ṣínu, ó sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Nípa ti iṣẹ́, ẹnì kejì mi ló dá a sílẹ̀, kò bi mí: àfẹ̀mọ́jú títí di aago mẹ́wàá ni mò ń gun òkè. Bí oòrùn bá ti mú, ó di pé mò ń gé igi nísàlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, òun sì ń kàn án lókè.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn oṣù náà ni mo gbà. Orí kò yí mi. Òùngbẹ gbẹ mí bó ṣe ń gbẹ gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ ìtúnu, mo kírun pẹ̀lú ẹgbẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí mo wọlẹ̀ sí ní àárín oṣù. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu náà ni dókítà dá oògùn náà padà sí òwúrọ̀. Àwọn ọjọ́ tí mo jẹ, inú òjò, nígbà tí ayé tútù, ni mo san án, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ó ti gbà fún mi. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọ ẹnì kejì mi kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láìfẹnu kan omi. A wà níbi iṣẹ́ nígbà tí mo rí i tó ń mú nǹkan kékeré kan jáde látinú àpò, ó wò ó, ó sì dá a padà.

"Kí nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oògùn ni. Ti ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún tó kọjá."

"Ìwọ náà? O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo rí ohun tó ṣe yín, ẹ̀rù bà mí, mo lọ yẹ ara mi wò. Mo ti ń lò ó láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ní báyìí tí kò sí oúnjẹ láàárọ̀, mo ní kí n fi í sílẹ̀ títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Ọlọ́run tí mò ń gbààwẹ̀ fún, ṣé kò lè dáàbò bò mí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún?"

Kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: mo fẹ́ lu ú. Ọkùnrin tó fi okùn so mí mọ́ igi. Mo ju òòlù sílẹ̀, mo ní, "Èmi náà pa á tì, fún bí ọ̀sẹ̀ kan péré. Ara mi yá, ìwọ náà rí i. O mọ iye tí wọ́n bá lára mi lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbé mi lọ?"

Kò mọ̀. N kò sọ fún un rí. Mo sọ fún un.

Ó tún fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ṣé wọ́n á ní kí n má gbà á?"

"N kò mọ̀. Èmi kọ́ ni dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ni n kò fi béèrè."

A fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a jọ lọ. Tirẹ̀ kò nira: oríṣi kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti balẹ̀. Dókítà ní kó sún un sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó bá ṣínu, lójoojúmọ́, kó sì máa wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nípa pé kó má fẹnu kan omi rárá nídìí iṣẹ́ oòrùn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kó lọ bá olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ sọ ọ́. Olùṣọ́-àgùntàn náà ní kó máa mu omi. Ó gbààwẹ̀ náà tán. Lọ́jọ́ mélòó kan, kò gun òkè, ilẹ̀ ló wà, èmi ni mo gùn ún.

Kí ààwẹ̀ wa tó tún wọlé, bí oṣù kan ṣáájú, mo lọ sí ibùdó ìlera láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti gbé dókítà wa lọ sí ibòmíràn. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló jókòó sórí àga rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lára àwọn tó ń dúró, mo gbójú sókè, mo rí mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ń to sáfù láti kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí Lèmọ́mù fi rọ́pò mi fún jíjí àwọn ènìyàn. Oníkálukú di ọ̀rá oògùn mú lórí itan, ó ń fi ọwọ́ bò ó.

A kí ara wa. Lẹ́yìn náà ni èyí tó dàgbà jù bi mí léèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Káfíńtà, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló gbé ìwọ náà wá?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. Mo fẹ́ béèrè bí mo ṣe máa lò ó nínú ààwẹ̀."

Ó ṣí ọ̀rá tirẹ̀, ó mú páálí kan jáde, ó nà án sí mi. "Wo èyí fún mi. Àwọn tó ń ta oògùn ní títì ní kí n kó gbogbo rẹ̀ mì ní sààrì."

Mo wò ó. N kò mọ irú oògùn tó jẹ́. Mo fún un padà. "Bàbá," ni mo wí, "ẹ má kó nǹkan kan mì. Ẹ fi han dókítà náà, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe fún un. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín wọlé."

Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó dìde, mo dì í lápá mú, a sì jọ wọlé.